Bí a ṣe ń sọ ìjíròrò ọlọ́jọ́ márùn-ún orí Wáàsáàpù di àkọsílẹ̀ ìpàdé kan ṣoṣo

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé ilé-iṣẹ́ kékeré kan níbí ní Ìkòròdú. Àwa mẹ́fà la dá a sílẹ̀, àwa náà la sì ń darí rẹ̀: mẹ́ta wà ní Ìkòròdú, ọ̀kan ní Ẹ̀pẹ́, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan ní Hiúsìtìn. Ọjọ́ márùn-ún la fi jíròrò lórí Wáàsáàpù bóyá ká ra iná oòrùn sí ṣọ́ọ̀bù wa ní Sábó. Àwọn kan sọ̀rọ̀ ní gúrúùpù ńlá, àwọn kan ní gúrúùpù ìnáwó, ẹlòmíràn gba ohùn sílẹ̀. Alága ní kí n sọ ọ́ di mínítì kan tí báǹkì máa rí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Mo ka fáìlì tí ẹ fi ránṣẹ́ láti òkè délẹ̀, tiyín àti ti akápò, mo sì wo àwọn àwòrán, mo gbọ́ àwọn ohùn tó bá wọn wá. Ìjíròrò yín gan-an ni mo máa fi ṣàlàyé, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni.

Ẹ kọ́kọ́ gbà pé ìpàdé oníjókòó kan kọ́ lẹ ṣe. Ẹ jíròrò ni, kálukú sì dá sí i nígbà tó ráyè. Ó yẹ kí ìwé náà sọ bẹ́ẹ̀ láti ìlà àkọ́kọ́. Mo ti rí mínítì tí wọ́n kọ sínú rẹ̀ pé wọ́n fi àdúrà bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́wàá, wọ́n sì fi àdúrà parí ní aago méjìlá, bẹ́ẹ̀ kò sí àwọn méjì tó pàdé ara wọn ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Lọ́jọ́ tí ẹnì kan nínú yín bá bínú tó sì gbé fóònù rẹ̀ jáde, irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti di irọ́, gbogbo òótọ́ tó wà nínú rẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ kọ tiyín báyìí: «Àkọsílẹ̀ ìjíròrò àwọn olùdarí lórí Wáàsáàpù, láti aago 10:05 àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 12 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026, títí di aago 3:40 ìdájí ọjọ́ Ẹtì, 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2026. Aago Nàìjíríà ni gbogbo àkókò tó wà nínú rẹ̀.»

Ní ti òfin, n kò ní fà á gùn. Òfin ilé-iṣẹ́ ti ọdún 2020, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Káámà, gba ilé-iṣẹ́ aládàáni láàyè láti ṣe ìpàdé gbogbogbòò lórí ẹ̀rọ, tó bá ti bá ìwé ìlànà ilé-iṣẹ́ náà mu. Òfin yẹn kan náà sọ pé ìpinnu tí gbogbo olùdarí bá fọwọ́ sí lórí ìwé lágbára bí èyí tí wọ́n ṣe nínú ìpàdé. Gbogbo wọn ni o, kì í ṣe èyí tó pọ̀ jù. Nítorí náà, ìwé méjì ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Èkíní ni àkọsílẹ̀ ìjíròrò, tó ń sọ ohun tí kálukú sọ àti ìgbà tó sọ ọ́. Èkejì ni ìwé ìpinnu olójú-ewé kan tí ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa fọwọ́ sí, èyí tí ẹ máa fi lé báǹkì lọ́wọ́. Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i, ẹ má gbìyànjú láti fi àkọsílẹ̀ ìjíròrò bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ pe ìpàdé orí fídíò bí ìwé ìlànà yín ṣe sọ, kí ẹ dìbò níbẹ̀.

Ó wá kan kíkó ọ̀rọ̀ jọ. Ní gúrúùpù ńlá, ẹ tẹ dọ́ọ̀tì mẹ́ta tó wà lókè, ẹ tẹ `More`, ẹ yan `Export chat`, lẹ́yìn náà ẹ yan `Without media`. Ẹ̀yin kò sí ní gúrúùpù ìnáwó, nítorí náà akápò ló máa yọ tibẹ̀ fún yín. Bí bọ́tìnnì náà bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tan `Advanced chat privacy` ní gúrúùpù náà, torí òun ló ń dí i lọ́wọ́. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá wọ́n ti ṣètò kí ọ̀rọ̀ máa pa ara rẹ̀ rẹ́. Bó bá jẹ́ ọlọ́jọ́ méje ni wọ́n yàn, ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa lọ kí ẹ tó jókòó sídìí iṣẹ́.

Àwọn akọ̀wé tó pọ̀ rò pé fáìlì yẹn ni gbogbo ìjíròrò. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Bí ẹnì kan bá fa ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn yọ kó tó fèsì sí i, èsì náà nìkan ló ń wọ fáìlì. Ọ̀rọ̀ tó ń fèsì sí kì í bá a wọlé. Àmì àtàǹpàkò àti ọkàn pupa tí àwọn ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kì í wọlé rárá. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ á wọlé gẹ́gẹ́ bí ìlà kan tó ń sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí a yọ kúrò. Orúkọ tí ẹ sì máa rí ni èyí tí ẹni tó yọ fáìlì fi pamọ́ sórí fóònù tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí olùdarí yín ti Lọ́ńdọ̀nù fi ní orúkọ kan nínú fáìlì yín, tó tún ní òmíràn nínú ti akápò. Ẹ yan orúkọ kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì lò ó dé òpin.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ lẹ́tà kan, ẹ padà sórí fóònù, kí ẹ ya àwòrán gbogbo ibi tí àbá, àtúnṣe tàbí ìdáhùn bá wà, kí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fà yọ àti àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lè hàn nínú àwòrán náà. Ẹ jókòó gbọ́ ohùn kọ̀ọ̀kan tán, kí ẹ kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ohùn olùdarí ti Lọ́ńdọ̀nù ní gúrúùpù ìnáwó jẹ́ ẹ̀rí ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Akápò sọ fún yín pé «ó ní ó bójú mu». Òótọ́ ni, ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo gbólóhùn náà ni: «Iye yẹn bójú mu, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ẹni tó máa tún un ṣe tó bá bàjẹ́.» Ẹni tó sọ báyìí ṣì ń dúró de ìdáhùn, kò sì sí ẹni tó dá a lóhùn títí ìjíròrò fi parí.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ aago, torí ibẹ̀ ni ìjíròrò yín ti fẹ́ lọ́jú pọ̀. Fáìlì tí Wáàsáàpù ń yọ máa ń lo aago orí fóònù ẹni tó yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà, láti ẹnu ẹnì kan náà, rèé bó ṣe máa hàn lórí fóònù méjì:

```
16/01/2026, 03:40 - Olùdarí Hiúsìtìn: Mo fara mọ́ ọn
1/15/26, 8:40 PM - Olùdarí Hiúsìtìn: Mo fara mọ́ ọn
```

Ti òkè ni fóònù yín ní Ìkòròdú, ti ìsàlẹ̀ ni fóònù tirẹ̀. Lóṣù Ṣẹ́rẹ́, wákàtí méje ni Hiúsìtìn fi wà lẹ́yìn Nàìjíríà, Lọ́ńdọ̀nù sì fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. Tí àwọn ará ibẹ̀ bá yí aago wọn síwájú lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, Lọ́ńdọ̀nù á bá wa dọ́gba, Hiúsìtìn á sì di wákàtí mẹ́fà. Ẹ tún kíyè sí i pé oṣù ló ṣáájú ọjọ́ nínú ìlà kejì, bí àwọn ará Amẹ́ríkà ṣe ń kọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣẹlẹ̀ ní 3/2, ẹni tí kò bá fura á gbé e láti ọjọ́ kejì oṣù Ẹrẹ́nà lọ sí ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé. Ẹ dúró lórí aago Nàìjíríà nìkan. Ibi tí ọjọ́ bá ti yàtọ̀, bíi ti Hiúsìtìn yìí, ẹ kọ aago ibẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Kí nìdí tí wákàtí méje fi ṣe pàtàkì báyìí? Ní ọjọ́bọ̀, 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, alága kọ ọ́ sí gúrúùpù ńlá pé kí kálukú fèsì «kó tó di aago méjìlá òru òní». Kò sọ òru ibo. Lójú ẹ̀yin tó wà nílé, aago méjìlá ti kọjá kí Hiúsìtìn tó fèsì. Lójú tirẹ̀, ó ṣì ku wákàtí mẹ́ta àti ogún ìṣẹ́jú. Ẹ̀yin akọ̀wé kọ́ lẹ máa dá ẹjọ́ yìí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alága tó fi gbèdéke lélẹ̀, kí ẹ sì kọ ohun tó bá sọ sínú àkọsílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Lẹ́yìn èyí lẹ máa to ọ̀rọ̀ jọ. Ẹ má tò ó bó ṣe wá. Orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ kó jọ, nítorí lórí Wáàsáàpù, ẹnì kan lè béèrè nǹkan lọ́jọ́ Ajé kí ìdáhùn rẹ̀ wá lọ́jọ́rú, kí ìkíni, àdúrà àti ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sì wà láàárín wọn. Ẹ fa ìlà sórí ìwé ńlá tàbí lórí kọ̀ǹpútà: àkókò, ẹni tó sọ̀rọ̀, gúrúùpù tó ti sọ ọ́, orí ọ̀rọ̀ tó jẹ́, àti irú ọ̀rọ̀ tó jẹ́. Irú márùn-ún péré ni mo máa ń lò: àbá, àtúnṣe àbá, ìbéèrè, ìdáhùn, ìbò. Ohun tí kò bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn kò ní wọ àkọsílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń dun akọ̀wé láti yọ ọ̀rọ̀ àgbà kúrò, pàápàá àdúrà alága, ṣùgbọ́n ìwé ìpinnu lẹ ń kọ.

Nígbà tí mo tò tiyín bẹ́ẹ̀, orí ọ̀rọ̀ méjì ló jáde: iná oòrùn, àti ohun tí ẹ máa ṣe sí jẹnẹrétọ̀ àtijọ́. Ti jẹnẹrétọ̀ kò gba àkókò. Àwọn mẹ́rin dá sí i, ẹnì kan ní kí ẹ tà á, ẹnì kan ní kí ẹ dá a dúró, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sílẹ̀. Ẹ má kọ pé «a sún ọ̀rọ̀ náà síwájú», torí kò sẹ́ni tó sún un. Ẹ kọ pé «kò sí ìpinnu».

Ti iná oòrùn ni iṣẹ́ wà. Ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ ló wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn yín sì ń fèsì bí ẹni pé ọ̀kan ni. Lọ́jọ́ Ajé, alága dá àbá pé kí ẹ ra ẹ̀rọ náà ní ₦4,200,000, kí ẹ san gbogbo owó lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pe èyí ní Àbá 1. Ní alẹ́ ọjọ́rú, akápò mú àtúnṣe wá láti gúrúùpù ìnáwó sí gúrúùpù ńlá: kí owó rẹ̀ má ju ₦3,600,000 lọ, kí ẹ san ìdajì ṣáájú, kí ẹ sì san ìyókù lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ pe ìyẹn ní Àbá 1B. Gbogbo «mo fara mọ́ ọn» tó wà nínú fáìlì, ẹ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí èyí tí ó ń tẹ̀ lé nínú méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká kà wọ́n. Akápò ló mú 1B wá. Alága sọ lọ́jọ́bọ̀ ní gúrúùpù ńlá pé «ẹ jẹ́ ká lọ pẹ̀lú ti akápò», ẹ̀yin fúnra yín sì kọ «mo fara mọ́ àtúnṣe akápò». Àwọn mẹ́ta nìyẹn, kò sí àríyànjiyàn. Olùdarí ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń béèrè ìbéèrè, mo ti sọ ìyẹn lókè. Ti Hiúsìtìn, àwòrán tí ẹ yà fi hàn pé ọ̀rọ̀ alága ti ọjọ́ Ajé ló fà yọ kó tó kọ «mo fara mọ́ ọn». Èyí túmọ̀ sí pé orí ₦4,200,000 ni èsì rẹ̀ jókòó lé. Ó lè jẹ́ pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti òkè, tí kò tíì dé ibi àtúnṣe. Ó sì lè jẹ́ pé Àbá 1 gan-an ló wù ú. Ẹni tó bá ka fáìlì nìkan kò lè mọ̀ láéláé, torí ibi tó ti jẹyọ nínú fáìlì, abẹ́ ọ̀rọ̀ ọjọ́bọ̀ ló wà, á sì dà bíi pé 1B ló ń dáhùn.

Ti Ẹ̀pẹ́ ló gba ìrònú jù lójú mi. Ó lẹ àtàǹpàkò mọ́ ọ̀rọ̀ alága ti ọjọ́ Ajé, Wáàsáàpù kì í sì í sọ ìgbà tí ènìyàn lẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́bọ̀ ó tún kọ ọ́ pé «Ẹ ṣeun sà, Ọlọ́run á bá wa ṣe é». Òun ló kéré jù láàárín yín. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọdé kì í dákẹ́ tí àgbà bá sọ̀rọ̀. Ó gbọ́dọ̀ dáhùn, ìdáhùn náà sì gbọ́dọ̀ ní ọ̀wọ̀ nínú. Ọ̀wọ̀ ló wà nínú «ẹ ṣeun sà» yẹn, kò sí ìbò nínú rẹ̀. Akọ̀wé tó bá kà á mọ́ àwọn tó fara mọ́ àbá ti fi ọ̀rọ̀ sí ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Bó sì ṣe rí nìyẹn fún «a ti rí i», «ẹ kú iṣẹ́ alága» àti «àṣẹ».

Ẹ rí i pé àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló sọ̀rọ̀, àwọn mẹ́ta péré lọ̀rọ̀ wọn dá wa lójú. Ẹ kọ̀wé sí àwọn mẹ́ta yòókù, kí gbogbo wọn gba ọ̀rọ̀ kan náà, ní gúrúùpù ńlá níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹ má ṣe é ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa sọ pé ẹ rọ òun. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí: «Ẹ jọ̀wọ́, mò ń kọ àkọsílẹ̀ wa lọ́wọ́. Àbá 1B ni pé kí a ra ẹ̀rọ iná oòrùn tí owó rẹ̀ kò ju ₦3,600,000 lọ, ìdajì ṣáájú, ìdajì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì tí ó bá ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ẹ fara mọ́ ọn, ẹ kò fara mọ́ ọn, tàbí ẹ kò fẹ́ dá sí i?» Ti Lọ́ńdọ̀nù, kí akápò kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè rẹ̀ nípa ẹni tó máa tún ẹ̀rọ ṣe, torí kò bójú mu láti béèrè ìbò lọ́wọ́ ẹni tí a kò dá lóhùn.

Ọjọ́ tí ìdáhùn wọn bá wá ni kí ẹ kọ sí i. Bó bá jẹ́ ọjọ́ 19 ni, ẹ kọ ọjọ́ 19. Ẹ má tì í padà sí ọjọ́ 15 kó lè jọ pé ó wọlé kí gbèdéke tó pé. Àwòrán abala kan rèé, kí ẹ lè rí bó ṣe máa rí lójú ìwé:

«1.3 Akápò dá àbá àtúnṣe (gúrúùpù ńlá, 14 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 21:12): kí owó ẹ̀rọ má ju ₦3,600,000 lọ, kí a san ìdajì ṣáájú, kí a san ìyókù lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí ni Àbá 1B. Alága àti akọ̀wé fara mọ́ ọn (15 oṣù Ṣẹ́rẹ́).

1.4 Olùdarí tó wà ní Hiúsìtìn fara mọ́ Àbá 1 (16 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 03:40, ní Hiúsìtìn, 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 20:40). Akọ̀wé béèrè èrò rẹ̀ lórí Àbá 1B lẹ́yìn ìjíròrò. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní 1.6.»

Ẹ kíyè sí i pé n kò kọ «gbogbo ilé fọwọ́ sí i» níbì kankan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gúrúùpù ìnáwó pàápàá, kìkì ohun tí akápò gbé wá sí gúrúùpù ńlá ló wọlé gẹ́gẹ́ bí àbá, torí ibẹ̀ ni gbogbo olùdarí ti lè rí i. Ìbéèrè olùdarí ti Lọ́ńdọ̀nù nìkan ni kí ẹ yà sọ́tọ̀: ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì kọ gúrúùpù tó ti béèrè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí àwọn méjì sọ láàárín ara wọn kò sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ alága ló sọ ọ́.

Ó ku àwọn tó wà níbẹ̀. Lórí Wáàsáàpù, ẹ kò lè kọ «àwọn tó wá» àti «àwọn tí kò wá». Ẹ kọ àwọn tó sọ̀rọ̀, àwọn tó kà á ṣùgbọ́n tí wọn kò sọ̀rọ̀, àti àwọn tí kò hàn pé wọ́n rí i. Láti mọ àwọn tó kà á, kí akápò tẹ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tí àtúnṣe wà nínú rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó sì yan `Info`. Orúkọ àwọn tó ti kà á á jáde, kódà bí wọ́n bá ti pa àmì búlúù wọn. Ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ nìkan ló lè rí i, nítorí náà ẹ̀yin kò lè bá a yẹ̀ ẹ́ wò. Ní tiyín, gbogbo yín lẹ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó tọ́ kí ẹ mọ ìgbà tí Hiúsìtìn ka àtúnṣe náà. Bí `Info` bá fi hàn pé ó ti kà á ní ọjọ́rú, a jẹ́ pé kì í ṣe àìrí ló jẹ́ kó fa ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé yọ.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ṣọwọ́ sí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, kí ẹ fún wọn ní ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹ sì dárúkọ aago Nàìjíríà nínú gbèdéke náà. Ẹ sọ ọ́ kedere pé àtúnṣe sí ohun tó ti wà lórí Wáàsáàpù lẹ ń béèrè. Ẹnì kan á kọ̀wé padà pé «ohun tí mo ní lọ́kàn ni pé…». Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé ẹ ti gbọ́, kí ẹ sì fi èrò tuntun náà sínú ìjíròrò tó ń bọ̀. Kò lè wọ inú ọ̀sẹ̀ tó ti kọjá. Lẹ́yìn náà, alága á fọwọ́ sí i. Àkọsílẹ̀ tí alága bá ti fọwọ́ sí ni òfin kà sí ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀, títí ẹlòmíràn á fi mú ẹ̀rí mìíràn wá.

Ẹ tọ́jú fáìlì méjèèjì bí wọ́n ṣe jáde láti orí fóònù, pẹ̀lú àwọn àwòrán àti ohùn, sí ibì kan tí ẹnikẹ́ni kò ti ní tún un ṣe. Ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn tí ẹ máa fi ṣiṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá délé ẹjọ́, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011 ní ohun tó ń béèrè kí ilé ẹjọ́ tó gba ìwé tó ti inú ẹ̀rọ jáde, títí kan ìwé ẹ̀rí nípa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ṣe é. Nítorí náà, ẹ kọ ẹni tó yọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, fóònù tó lò, ọjọ́ àti aago, sí ẹ̀yìn àkọsílẹ̀.

Nígbà míì tí ẹ bá tún fẹ́ jíròrò báyìí, ẹ bẹ alága kó fi nọ́ńbà sí àbá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí gbogbo àtúnṣe wá gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ tuntun tó ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí kálukú sì kọ «mo fara mọ́ 1B» dípò «mo fara mọ́ ọn».